Ìpàdé Ẹbí Tó Jẹ Ọjọ́ Onítáyà

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò ọkùnrin, tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ táyà mọ́lẹ̀, tó ń fi irin ṣí i bí ẹni tí táyà náà jẹ ní gbèsè, Onítáyà lẹ rí yẹn. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ń pè é ní Onítáyà, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá wa Onítáyà, adájọ́ pàápàá fẹ́ẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní igun títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti máa ń rọra yà. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí. Bàbá sọ fún wọn pé kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín gbé táyà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìgbà tí táyà bẹ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí kò sí onítáyà mìíràn nítòsí, ẹ̀rín náà gbẹ.

Onítáyà kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ó lẹ́nu. Ó lè bú ènìyàn kó tún dúró kó ṣàlàyé èébú náà fún un. Ó ti bá ìdajì àdúgbò jà, ó sì ń gbèrò ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n kò purọ́ rí lórí iṣẹ́. Bí túùbù rẹ bá ti kú, á sọ fún ọ pé ó ti kú, kò ní fi rọ́bà lẹ ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹjọ kó lè rí ọ lọ́la.

Nígbà tí bàbá kú, ó ń bá iṣẹ́ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohunkóhun fún ọdún mẹ́sàn-án. Àfi ìgbà tí wọ́n fẹ títì náà, tí igun yẹn wá di ibi tí gbogbo ojú ń wò. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rántí pé òun ní bàbá.

Ẹ̀gbọ́n yìí, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Káńsù ni wọ́n ń pè é nítorí pé ọ́fíìsì káńsù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń rìn bí ẹni pé òun ló ni ilé náà. Káńsù pe àbúrò rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ní bàbá ti fún òun ní ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù náà kí ó tó kú, pé àánú lòun fi jẹ́ kí ọmọbìnrin náà máa lò ó, pé àánú náà ti tán. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó mú wá ni onígbàjámọ̀ tó ń gé irun ní òdìkejì títì. Onígbàjámọ̀ búra, ó ní bàbá fún Káńsù ní ilẹ̀ náà. Lọ́yà Onítáyà bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀. Ó ní rárá. Ta ló wá sọ fún un? Ó ní Káńsù ni. Gbogbo kọ́ọ̀tù gbọ́ ọ, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, adájọ́ mi orí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, adájọ́ kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ yìí kan náà ka ìdájọ́ rẹ̀, ó ní òun gba onígbàjámọ̀ gbọ́, ó ní kí Onítáyà kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù.

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, adájọ́ sì gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹni rí ẹyin wúrà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ti adájọ́ yìí tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́ ẹnu méjèèjì, ó sì tún dá a bẹ́ẹ̀.

Onítáyà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ọ̀tù. Káńsù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O gbọ́ ohun tí ìjọba wí," ni Káńsù sọ.

"Mo gbọ́ ohun tí irọ́ yín wí."

Ó ṣì pè é ní ẹ̀yin. Inú rẹ̀ ń ru, ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Lọ́yà rẹ̀ fà á wọ igun kan tí àwọn ènìyàn máa ń tò sí láti fọwọ́ sí ìwé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni lọ́yà yìí, kì í fi àkókò ṣòfò, kì í sì í tu ènìyàn nínú. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. A máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí kọ́ọ̀tù òkè. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wa. Ọ̀la ni kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ máa tẹ̀ wá lọ́wọ́."

"Ṣé a ò ní dúró kí n rí ìwé náà ni? Mo fẹ́ rí ibi tó kọ ọ́ sí pé irọ́ ni mò ń pa."

"Ìwé náà lè pẹ́ oṣù méjì kó tó jáde. Ọjọ́ kò ní dúró dè é. A máa fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kọ́ọ̀tù yìí gan-an, a máa kọ ìdí tí ìdájọ́ náà kò fi tọ́ sínú rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ bá wá jáde tá a rí ìdí mìíràn níbẹ̀, a lè tọrọ àyè kí a fi kún un."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì lọ́yà, lókè ilé ìtàwé kan, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ìwé káàkiri tábìlì. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé adájọ́ ń sùn," ni Onítáyà bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó sùn?"

"Ó di ojú."

"Mi ò lè kọ ojú dídì. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni mo lè kọ."

"Kí ẹ kọ ọ́ pé olè ni ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe adájọ́. Kọ́ọ̀tù òkè kò ní tún ẹjọ́ yìí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí adájọ́ ti ṣì í ni wọ́n máa wò. Ìdí àkọ́kọ́ rèé: adájọ́ ṣi òfin lò nígbà tó gba ẹ̀rí àgbọ́sọ ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò sí níbẹ̀. Ìdí kejì: ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbe ìdájọ́ náà."

Onítáyà rò ó. "Bíríkìlà tó mọ ògiri ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá pé èmi ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sí òkè."

"Kí ló dé tí ẹ ò mú un wá sí ìsàlẹ̀?"

"À ń bá ara wa jà nígbà yẹn."

Lọ́yà wò ó títí. "Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ kọ̀ láti pè é nítorí ìjà. Kọ́ọ̀tù òkè kì í gba ẹlẹ́rìí tuntun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò lè rí ẹ̀rí náà nígbà yẹn, bó ti wù kó wá a tó, nìkan ni wọ́n lè gbọ́."

Onítáyà fẹ́ẹ̀ bú lọ́yà, ó gbé e mì. Ó fọwọ́ sí ìwé tó gba lọ́yà síṣẹ́ fún ẹjọ́ ti òkè. Kí ó tó parí ọ̀sẹ̀ náà, ìwé ìpẹ̀jọ́ ti wà lórí tábìlì lọ́yà, ó mọ́, ìdí méjèèjì wà nínú rẹ̀, ó ku kí wọ́n gbé e lọ fún akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ibẹ̀ ni ẹbí gbé dé.

Àbúrò bàbá wọn obìnrin ṣì wà láyé. Ìyá Àgbà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá bàbá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló nírọ̀rí nínú yàrá rẹ̀, òun ló ń jókòó lé e. Ẹni yòówù kó wá, bẹ́ǹṣì ni tìrẹ. Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ ti fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ tó ní kọ́ọ̀tù. Èmi ni màá parí ẹ̀. Títí a ó fi parí ẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé ìwé lọ sí kọ́ọ̀tù kankan. Ẹni tó bá gbé ìwé lọ nígbà tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀, èmi ló kọ̀."

Káńsù sì yára kúnlẹ̀. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ó kúnlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá mi, ṣé èmi ni màá lé ọmọ bàbá mi síta? Ìdájọ́ yẹn, abẹ́ ibùsùn ni mo jù ú sí. Kí ó ṣáà jẹ́ kí a sọ̀rọ̀."

Ó yẹ kí ẹnìkan ti gbá a létí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Onítáyà tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni gbà fún omijé yìí. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Nínú ọkàn rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ń bẹ̀rù Ìyá Àgbà, nítorí obìnrin yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo nígbà náà.

Ó lọ sọ fún lọ́yà pé kó dá ìwé dúró.

Lọ́yà dìde. "Kí ló burú nínú kí a fi í sílẹ̀ ká tó máa sọ̀rọ̀? Bí ẹbí bá parí ẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo la ó fi fa ìwé náà yọ. Ẹjọ́ tó ti wà níbẹ̀ ṣeé fà yọ. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní òun ni mo kọ̀ tí mo bá gbé e lọ."

"Ìyá Àgbà kọ́ ló ṣòfin."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n," ni Onítáyà wí, ó sì jáde.

Ẹ wò ó, ẹni tí kò bẹ̀rù adájọ́, tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, tó bá awakọ̀ ọkọ̀ ńlá jà tí onítọ̀hún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ìrọ̀rí arúgbó kan ni ó bẹ̀rù.

Wọ́n ṣe ìpàdé kìíní, wọ́n fi gbogbo ọ̀sán bú ara wọn. Wọ́n ṣe ìkejì, Káńsù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ ronú. Ó ronú títí. Ó tún ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Ó tún ránṣẹ́ pé òun rìnrìn àjò. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà dá ọjọ́ Àìkú kan, ó ní ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ máa tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àìkú náà, lọ́yà pè é lórí fóònù. Onítáyà wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, ó fi èjìká gbé fóònù mọ́ etí.

"Òní ló pé ọgbọ̀n ọjọ́," ni lọ́yà wí. "Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ṣì wà ní ọ́fíìsì. Ẹ sọ pé kí n máa lọ."

"Lọ́jọ́ Àìkú la ó parí ẹ̀."

"Ẹ gbọ́, títí ọ́fíìsì yẹn fi máa tì lónìí, ẹ̀tọ́ yín ni. Láti ọ̀la lọ, ẹ̀bẹ̀ ló máa dà. Adájọ́ lè gba ẹ̀bẹ̀, ó sì lè kọ̀ ọ́."

Onítáyà fi ọwọ́ ti fóònù mọ́ etí dáadáa. Ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì rọra dún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó di Ajé." Ó pa fóònù náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, òun nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Káńsù kò wá. Ìyá Àgbà ní inú ló ń run ún. Nígbà tó di òwúrọ̀ Ajé, Onítáyà dé igun títì, ó bá bèlífù kọ́ọ̀tù àti ọlọ́pàá méjì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Wọ́n ti ń kó ẹrù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọ́n da jáàkì lé e, wọ́n ju túùbù sórí iyanrìn. Bèlífù ń ṣe é bí ẹni tó ti ṣe é nígbà púpọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òdìkejì, ó ń fi aṣọ nu abẹ.

Káńsù ti ibẹ̀ jáde, àgádágodo tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú kò run ún mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní abẹ́ ibùsùn lẹ jù ú sí!"

"Mo ti fà á yọ. Lọ bi lọ́yà rẹ bóyá ọjọ́ ṣì kù."

Ìgbà náà ni Onítáyà wá fi ìwọ pe ọmọ bàbá rẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí bàbá fi owó iṣẹ́ táyà yìí rán nílé ìwé! Omijé rẹ á gbẹ mọ́ ọ lójú!" Ọlọ́pàá kan dì í mú. Káńsù ti ìlẹ̀kùn náà pa, ó fà á wò, ó tún fà á wò.

Onítáyà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí abẹ́ agbòjò kan ní ẹ̀bá títì, ó ń bá iṣẹ́ lọ nínú erùpẹ̀ àti oòrùn. Òjò ba ẹ̀rọ náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn oníbàárà kan ń wá, àwọn mìíràn ń yà á kọjá nítorí kò síbi tí wọ́n ti lè dúró. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kí ó wá ibòmíràn. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá Káńsù ló rán an, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ó padà sí òkè ilé ìtàwé. Lọ́yà kò sọ pé ṣé ẹ rí i. Kò ṣáà ní kó jókòó.

"Ẹ gbé ìwé náà lọ báyìí," ni Onítáyà wí. "Kí ẹ sì ní kí wọ́n fagi lé ohun tí bèlífù ṣe."

"Akọ̀wé kò ní gbà á. Ọjọ́ ti kọjá. Pé a pẹ̀jọ́ pàápàá kì bá tí tó dá bèlífù dúró, àṣẹ kọ́ọ̀tù là bá tọrọ. Kò wá sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀ tá a lè fi tọrọ rẹ̀. Ó ku ọ̀nà kan. A máa bẹ kọ́ọ̀tù òkè kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún wa, kí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ náà, kí wọ́n má kọ́lé sí i. Nǹkan méjì ni wọ́n máa bi wá: kí ló dá yín dúró, àti ṣé ìdí tí ẹ fi pẹ̀jọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkejì, ẹnu onígbàjámọ̀ ti tó fún un. Ìkíní ni mi ò mọ̀. Pé ẹbí ń bẹ yín lásán kì í sábà tó."

Wọ́n kọ ìwé ìbúra. Onítáyà búra sí gbogbo rẹ̀: omijé, ìpàdé, àìsàn, ìrìn àjò, Àìkú. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù òkè, wọ́n sì fún Káńsù ní tirẹ̀.

Ká ní Káńsù dákẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kó jàre. Ká ní ó sọ pé lóòótọ́ la jọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní lọ́yà, ó mọ ọjọ́. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, lọ́yà Onítáyà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Káńsù búra pé kò sí ìpàdé kankan rárá. Ó ní kò sí ìgbà kan tí Ìyá Àgbà pe òun nítorí ọ̀rọ̀ yìí, pé arúgbó náà kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́, pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀ mọ́.

Lọ́yà ka gbólóhùn náà fún Onítáyà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìwé ìbúra méjì ti forí gbárí. Àfi kí Ìyá Àgbà búra."

"Kò ní búra fún mi. Òun ló dá ọjọ́ Àìkú yẹn."

"Ẹ lọ bi í."

Onítáyà lọ. Kò kúnlẹ̀ dáadáa, ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀, Ìyá Àgbà sì rí i.

"Kí lo wá ṣe? O fẹ́ kí n wá kó ìtìjú bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níwájú àwọn tí ń wọ ẹ̀wù dúdú?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé ìwé lọ. Ẹ̀yin lẹ jẹ ọjọ́ mi tán."

"Ṣé mo de ẹsẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀ ni? O ò ní lọ́yà?"

"Ẹ ní ẹ̀yin ni mo kọ̀ tí mo bá lọ!"

"Nígbà wo lo wá ń gbọ́ tèmi? Nígbà tí mo ní kí o má fẹ́ awakọ̀, ṣé o gbọ́?"

Wọ́n pariwo títí aládùúgbò fi kan ìlẹ̀kùn. Onítáyà dìde láti máa lọ, inú rẹ̀ korò bí ewúro. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ohun tó búra náà kúkú nìyẹn, pé ẹ ò mọ nǹkan kan mọ́."

"Ta ló búra?"

"Káńsù. Ó ní ẹ ò pe ìpàdé kankan. Ó ní ẹ kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́. Ó ní ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń lọ láyìíká yín."

Ìyá Àgbà wo bẹ́ǹṣì tó wà níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Nínú yàrá mi yìí? Lórí bẹ́ǹṣì yẹn? Lẹ́yìn tó ti kúnlẹ̀ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbé ìborùn mi wá."

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń búra ní kọ́ọ̀tù gbóná, àwọn ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé. Akọ̀wé ka ohun tí lọ́yà kọ fún un ní èdè tó gbọ́, ó bi í bóyá ó yé e, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó yé e. Ó ní kó tún un kà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n fi kún un pé Káńsù ló bẹ òun kí òun sún ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú náà. Lọ́yà wò ó, ó fi kún un. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kà. Ó tẹ àtàǹpàkò.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀bẹ̀ pé, adájọ́ kọ́ọ̀tù òkè, ọkùnrin olóhùn kékeré kan tó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà tó bá ń kàwé, sọ pé ìwé ìbúra méjèèjì tó forí gbárí kò lè jọ jẹ́ òótọ́. Ó ní kí Ìyá Àgbà bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí.

Lọ́yà Káńsù rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń rẹ ọmọdé. "Mama, ọjọ́ orí ti dé. Ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, àfi nínà tí mi ò na ẹni tó gbà ọ́ ṣe lọ́yà nígbà tó ṣì kéré."

Kọ́ọ̀tù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kan tábìlì. Lọ́yà Káńsù rọra bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí obìnrin yìí má pẹ̀jọ́?"

"Èmi ni. Mo ní bó bá gbé ìwé lọ, èmi ló kọ̀."

"Ta ló mú ọjọ́ Àìkú?"

"Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ yẹn. Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kó di Àìkú, pé àlàáfíà máa dé. Mo mọ̀ pé nǹkan wà nínú ẹ̀. Mi ò bi í." Ó tún ní, "Ó wù mí kí ariwo náà tán, ẹni yòówù kó pàdánù."

Onítáyà gbọ́ ọ. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Káńsù ń wo bàtà rẹ̀.

Adájọ́ kò pẹ́. Ó ní ẹni tó fi ẹ̀tàn dá ọmọnìkejì dúró kò lè wá sọ fún òun pé onítọ̀hún pẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ yẹ kí kọ́ọ̀tù òkè gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò sọ pé ẹnikẹ́ni jàre. Ó fún Onítáyà ní ọjọ́ méje láti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní àṣẹ ìjádelé ti ṣẹ, kò sí ohun tí òun lè dá dúró mọ́ níbẹ̀. Kí àgádágodo wà bó ṣe wà, kí Káńsù má tà á, kó má kọ́lé sí i, títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Lọ́yà kò dúró kí ọjọ́ méje bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gbé ìwé náà lọ fún akọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òǹtẹ̀ sì bà lé e.

Nítorí náà, Onítáyà kò tíì borí. Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ohun tó fi gbogbo wàhálà yìí rà ni ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lófẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn àyè láti bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ náà lè gba ọdún kan, ó lè gba mẹ́ta, abẹ́ agbòjò ni yóò sì ti dúró dè é.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, àtẹ̀gùn kọ́ọ̀tù ga, kò sì ní ibi ìdìmú. Ìyá Àgbà dúró sókè, ó na ọwọ́ láìwo ẹnikẹ́ni. Onítáyà lọ dì í mú.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Kì í ṣe nítorí rẹ. Irọ́ tó pa mọ́ mi ló múnú bí mi."

"Mi ò fẹ́ dúpẹ́."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Bí wọ́n bá dá ọ láre, ṣé wàá wá kí mi?"

A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Onítáyà ronú sí i títí wọ́n fi dé ilẹ̀, nítorí obìnrin yìí ló wẹ̀ ẹ́ ní kékeré, òun ló fi ọwọ́ kan náà bò ó nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní, "Rárá, mà." Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ẹnu iṣẹ́ lọ.